Ìdòwú Ti Dé: Ìwé Ìpè Síbi Ìkómọjáde

OJÚ IWÁJÚ

Ẹ̀JÌRẸ́ ṢÍLẸ̀KÙN SÍLẸ̀,
ÌDÒWÚ WỌLÉ WÁ

Ìkómọjáde ọmọbìnrin
nínú agbo-ilé Ọláníyọnu, Pákò, Igbó-Ọrà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹsàn-án, 2026
Aago 8 òwúrọ̀

*Ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ ti délé, ẹ̀yin là ń retí.*

INÚ, LỌ́WỌ́ ÒSÌ

Pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run Ọba tí kò dójú tì wá,

Ìdílé Ọláníyọnu ti Pákò, Igbó-Ọrà
àti
Ìdílé Àjàní ti Èrúwà

fi ọ̀wọ̀ àti ìdùnnú pè yín,
ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò,

síbi ìsọmọlórúkọ àti ìkómọjáde
ọmọbìnrin làǹtì-lanti tí Olúwa fi ta

Ọ̀gbẹ́ni Akínṣọlá àti Ìyáàfin Fọlákẹ́ Ọláníyọnu

lọ́rẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹsàn-án, 2026.

Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4, ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà kí yín káàbọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ ṣe é, pé àbúrò àwọn ni.

Ọ̀rọ̀ láti ẹnu Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Bí ìyá ìbejì bá dúró pẹ́ láìbí Ìdòwú, ọkàn àwọn àgbà kì í balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà kò balẹ̀ láti ọdún mẹ́rin yìí. Gbogbo òwúrọ̀ ni mò ń bá Ọlọ́run sọ ọ́. Nígbà tí agbẹ̀bí jáde ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta tó sọ pé, "Ìyá, tibi tire ni o, obìnrin ni," orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, n kò tètè lè dìde.

Ẹ ó rí i pé a kò kọ orúkọ kankan sára káàdì yìí yàtọ̀ sí Ìdòwú. Ìyẹn ni ó mú tọ̀run wá. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ ní ìyẹn. Orúkọ tí a ó sọ ọ́ ṣì wà lẹ́nu wa, a kò sì ní pè é títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí etí ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìkókó là ń pè é nísinsìnyí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ju ẹ̀bùn lọ: ẹ mú orúkọ bọ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin náà sì ni ilé. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe fún yín lọ́dún yìí, tàbí ohun tí ẹ mọ̀ nípa ìran Ọláníyọnu àti Àjàní, kí ẹ sọ ọ́ di orúkọ. Àwo omi yóò wà lórí àga. Ẹ ju owó tí ọwọ́ yín bá ká sínú rẹ̀, ìbáà ṣe náírà 50, kí ẹ pe orúkọ tí ẹ mú wá sókè. Akínṣọlá ti ra ìwé ńlá kan tí a ó máa kọ wọ́n sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kí ọmọ lè kà á nígbà tó bá dàgbà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọjọ́ kẹsàn-án là ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì. Ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo ayé ń lò báyìí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò ní jẹ́ kí ó parun lójú mi: a ó da omi sórí òrùlé, a ó gbé ọmọ sábẹ́ ìkán omi náà díẹ̀, kí ó ké. Igbe rẹ̀ ni yóò fi kí yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó má ṣe pẹ́ dé.

*Ìyá Akínṣọlá*

INÚ, LỌ́WỌ́ Ọ̀TÚN

Ètò

Pásítọ̀ ni yóò fi àdúrà ṣí i. Alfa ìdílé Àjàní ni yóò fi àdúrà pa á dé. Láàárín méjèèjì, Bàbá Àgbà Ọláníyọnu ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí yóò sì máa fi ohun ìsọmọlórúkọ tọ́ ọ lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a ṣe àmín sókè:

Omi rèé. A kì í bá omi ṣọ̀tá. Ẹnikẹ́ni kò ní bá ọ ṣọ̀tá.
Oyin rèé. Adùn ni a ó máa bá nídìí ọ̀ràn rẹ.
Iyọ̀ rèé. Ayé rẹ kò ní tẹ́.
Epo rèé. Epo ni ìrọ̀jú ọbẹ̀; ayé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.
Obì rèé. Yóò bi ikú, yóò bi àrùn sẹ́yìn fún ọ.
Orógbó rèé. Wàá gbó, wàá tọ́.
Atare rèé. Ọmọ inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ìwọ náà yóò bímọ lémọ.
Ẹja rèé. Orí ni ẹja fi ń la ibú já. Orí rẹ yóò la ọ̀nà fún ọ.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ: ti bàbá, ti ìyá, ti àwọn òbí àgbà, oríkì láti ẹnu Ìyá Àgbà, kí ó tó kan tiyín. A kò ní fi àkókò há ẹnikẹ́ni mọ́.

Oúnjẹ yóò tẹ̀ lé e: ẹ̀wà àti àkàrà nítorí àwọn ìbejì tó ṣáájú, àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasà nítorí pé Igbó-Ọrà la wà, àti ìrẹsì fún ẹni tó bá fẹ́.

Ẹ̀YÌN KÁÀDÌ

Aṣọ. A kò dá aṣọ ẹbí. Ọjọ́ mẹ́jọ kéré fún ẹnikẹ́ni láti wá owó aṣọ tuntun. Àdìrẹ tó wà nínú àpótí yín ti tó, ìyá ọmọ pàápàá yóò wọ tiẹ̀.

Ọ̀nà. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ gba Èrúwà kọjá kí ẹ tó dé Igbó-Ọrà. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ gba Abẹ́òkúta wá. Bí ẹ bá ti dé Pákò, ẹ béèrè ilé ìyá ìbejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Ìdòwú. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè dé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A ti tọ́jú yàrá.

Òjò. Oṣù Kẹsàn-án nìyí. Àtíbàbà ti wà nílẹ̀, òjò kò ní dá wa dúró.

Ìdáhùn. Ẹ fèsì sí nọ́ńbà tó fi káàdì yìí ránṣẹ́ sí yín, kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ, 10 oṣù Kẹsàn-án, kí a lè mọ iye ẹni tí a ó gbọ́únjẹ fún. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ ọmọ. A ó gbé e sétí rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

*Akínṣọlá, Fọlákẹ́, Táíwò, Kẹ́hìndé
àti Ìkókó*