Ẹ̀kọ́ Excel àti Google Sheets lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì ní Èdè Yorùbá: Láti Ìṣirò Owó Ẹgbẹ́ Dé VLOOKUP àti PivotTable

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, olùkọ́ tó ń ṣírò máàkì, oníṣòwò tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ ni a ṣètò ẹ̀kọ́ yìí fún. Ọ̀sẹ̀ 6 ni yóò gbà, ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago 7 sí aago 8:30. A ó fi fídíò ìjókòó kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, nítorí iná lè lọ nígbàkígbà.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ó máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìwé owó ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 84, tí àwọn kan ń gbé ní Adó, tí àwọn mìíràn sì wà ní Ìjerò àti Ọ̀yẹ́. Bí akápò bá fẹ́ mọ iye tí àwọn ará Adó dá, tí ìlú wà ní òpó B, tí owó sì wà ní òpó D, ìlà kan péré ni yóò tẹ̀:

```
=SUMIF(B2:B85,"Ado",D2:D85)
```

Kí a tó dé ibẹ̀, a ó kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń tẹ àkọsílẹ̀ wọlé lọ́nà tó tọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ẹni tó bá tẹ "5k" dípò 5000 ti sọ owó di ọ̀rọ̀ lásán: SUM yóò fò ó láìsọ ohunkóhun, àròpọ̀ yóò sì dín. Bákan náà, àlàfo kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ tó láti mú kí VLOOKUP, tó ń wá orúkọ nínú àkọsílẹ̀ kí ó lè mú ohun tó wà ní ìlà rẹ̀ wá, gbé #N/A jáde, ìyẹn ni pé kò rí orúkọ náà.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó lè lo IF, COUNTIF àti VLOOKUP láìwo ìwé. Ẹ ó lè ṣe ìwé owó oṣù, àkọsílẹ̀ ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, àti èsì ìdánwò tó ń to ipò akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ó lè fi PivotTable kó àkọsílẹ̀ ọdún kan jọ sójú ewé kan, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìjẹ́ pé òpó kan bọ́ sí ewé kejì. A ó fi XLOOKUP, irú VLOOKUP tó jẹ́ tuntun, hàn yín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n VLOOKUP ni a gbé ka iwájú, torí pé kò sí XLOOKUP nínú Excel 2016 àti 2019.

Kò pọn dandan kí ẹ ti mọ ohunkóhun ṣáájú. Fóònù tó ní Google Sheets tó fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ wá kọ̀ǹpútà. Owó ẹ̀kọ́ jẹ́ ₦12,000, a sì lè san án ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ènìyàn 30 péré ni a ó gbà, kí olùkọ́ lè yẹ iṣẹ́ oníkálukú wò.