Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ nìkan ni

Ìyá Ìbejì mi, káàárọ̀ o. Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Mo mọ̀ pé Wáásáàpù lo máa ń kọ́kọ́ ṣí kí o tó bọ́jú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí, kí o lè bá a kí o tó jáde lọ sí Gbági. Ó gùn díẹ̀. Jọ̀ọ́, má kà á nínú mọ́tò, má sì kà á níbi tí àwọn ọmọ ìṣọ̀ rẹ ti lè máa yọjú wo fóònù rẹ.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ àná, ẹkún ló ń gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Mi ò pè ọ́ náà, torí mo mọ ara mi, mo sì mọ̀ ọ́. Bí a bá gbé e sórí ìpè, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, aládùúgbò á ti máa gbọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ohun tí o kọ sínú gúrúùpù ẹgbẹ́ wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Mo to orúkọ àwọn tí kò tíì san 15,000 náírà àjọ̀dún ọdún 25 tí a jáde síbẹ̀. Orúkọ 21 ni, tìrẹ wà nínú wọn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí o fi dáhùn pé: “Ẹ wo ẹni tó ń to orúkọ èèyàn! Ẹni tó jẹ mí ní 60,000 láti oṣù Kìn-ín-ní, owó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí ọmọ rẹ̀ lára. Ẹ bá mi bi akápò yín bóyá owó ẹgbẹ́ ló fi ń tọ́jú ilé o.” O wá fi ojú ẹ̀rín mẹ́fà tì í. Mo kà wọ́n.

Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹni tó bá ti bá ọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà fún ọdún mẹ́fà á mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ta ọ́, ẹ̀rín lo fi ń san án padà. Ọjọ́ tí olùkọ́ ìṣirò nà ọ́ ní kíláàsì karùn-ún, ṣebí o ti fi kọrin kí agogo oúnjẹ tó lù? Ṣùgbọ́n èèyàn 96 ló wà nínú gúrúùpù yẹn. Àwọn kan nínú wọn, láti ọjọ́ tí a ti jáde, a ò tíì fojú kanra. Wọn ò mọ̀ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n kà ni pé akápò ń jẹ gbèsè, ó ní ọmọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀, owó ẹgbẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé o rí bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tò tẹ̀lé ara wọn?

Ti 60,000 yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Mo jẹ ọ́, mi ò sẹ́. O lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó rẹ, ì báà jẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni. Ṣé o rántí òru yẹn? Ọyẹ́ ti mú débi pé ètè gbogbo wa là. Ago méjì òru ni mo pè ọ́, kí ago mẹ́ta tó lù, o ti dé ọsibítù. O di owó sínú láílọ́ọ̀nù, bàtà ẹsẹ̀ kan tìrẹ, ẹsẹ̀ kan ti Bàbá Ìbejì, o ò tiẹ̀ mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ lo di ẹsẹ̀ Ṣeun mú nígbà tí ìrora egungun ń mú un kígbe. Lórí ìjókòó onígi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo ti sọ fún ọ pé fòníkúfọ̀ládìde ni ọmọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà. Yàtọ̀ sí èmi, bàbá rẹ̀ àtàwọn dókítà, ìwọ nìkan lo mọ̀. O fi ìborùn rẹ bò mí, o ní, “Ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé, kò ní jáde.” Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo fi sí ọ lẹ́nu.

Ṣeun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wá pé kí a má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níléèwé tuntun yìí. Níbi tó ti kúrò, àwọn ọmọ máa ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí i létí, wọ́n á ní ọdún mélòó ló kù fún un láyé. Ọmọ ọdún 14. Ó dé ibí yìí, ó ní ọ̀rẹ́, ó ń gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó ń mu omi rẹ̀, ó ń lo oògùn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. O sì mọ̀ pé ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa ní ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Lánàá tó dé láti iléèwé, kò bọ́ yúnífọ́ọ̀mù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, “Mọ́mì, ta ló sọ fún wọn pé mo gba ẹ̀jẹ̀?”

Mi ò rí èsì fún un. Mo ní kó lọ mu omi.

Ti owó ẹgbẹ́ ńkọ́? Kò pẹ́ tí o kọ ọ̀rọ̀ rẹ tán tí ẹnìkan béèrè pé kí akápò gbé àkọsílẹ̀ báǹkì jáde. Ẹlòmíì ní “ibi tí èéfín bá ti ń rú”, ó dá a dúró síbẹ̀. Mo gbà á ní báǹkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé e sójú gúrúùpù, náírà kan ò dín. O mọ̀ pé owó yẹn ò lè jáde láìsí ìbuwọ́lù èèyàn méjì, ìwọ gan-an lo dá àbá yẹn lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó pa ẹ̀rín sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ ju iye àwọn tó ṣí àkọsílẹ̀ náà lọ.

Àwọn méjì kan ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé kí n dá ọ lóhùn níbẹ̀, pé bí mo bá dákẹ́, á dà bí ẹni pé òótọ́ ni. Ọ̀kan tiẹ̀ ń ràn mí lọ́wọ́ pẹ̀lú ohun tí mo lè sọ! Mo kàn kọ “Ọ̀rẹ́ mi, a ó sọ̀rọ̀” síbẹ̀, mo gbé fóònù jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwa méjèèjì la mọ ohun tó wà nínú ara wa, Ìyá Ìbejì, ogún ọdún ó lé kì í ṣe ọjọ́ kan. Mi ò fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ ọ o. Kò sí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ máa tẹnu mi bọ́ síta, bí o bá tilẹ̀ ka èyí tán tí o ní o ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó kan ẹ̀bi tèmi báyìí. Kò yẹ kí n gbé orúkọ rẹ síta láìkọ́kọ́ pè ọ́. Pé ẹgbẹ́ ló ní kí a máa to orúkọ kò ní kí n má pe ọ̀rẹ́ mi. Èkejì, mo ní ìparí oṣù Kẹrin ni mo máa san owó rẹ, nígbà tí kò ṣeé ṣe, o pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e. Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé bí owó bá dé ni kí n pè ọ́, mi ò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ń sọ nǹkan mìíràn fún ọ. Kí o wá rí orúkọ ara rẹ lára àwọn onígbèsè, láti ọwọ́ ẹni tó jẹ ọ́! Bí mo bá wà ní ipò rẹ, inú á bí mi. Má bínú.

Mo ti fi 20,000 ránṣẹ́ sí àkántì rẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, wò ó kí o tó jáde. 40,000 tó kù, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni, ẹ̀yáwó tí mo gbà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ máa jáde lọ́jọ́bọ̀. Jọ̀ọ́, má yọ 15,000 ti àjọ̀dún nínú rẹ̀ fún èmi ní ìdákọ́ńkọ́. Tìrẹ, sínú àkántì ẹgbẹ́ ni kí o san án sí, kí ẹnu má baà tún gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe rèé. Lọ sórí ọ̀rọ̀ yẹn nínú gúrúùpù, fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pa á rẹ́, kí o sì yan “Delete for everyone”. Ọjọ́ méjì àti wákàtí 12 ni Wáásáàpù fún èèyàn láti ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé tó bá fi di àárọ̀ ọ̀la, ó ti bọ́. Mo lè ní kí alábòójútó gúrúùpù pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó máa hàn níbẹ̀ pé òun ló pa á, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ ló dáa jù. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti rí i ti rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà kan ṣoṣo ni kí o kọ: “Eré ni mo fi akápò ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti wo àkọsílẹ̀ owó, ó pé. Mo ti san tèmi.” Kó tán. Mo mọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, wàá ti fẹ́ kọ ojú ìwé méjì, wàá fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí i. Má ṣe é. Má bẹ̀ mí níbẹ̀ rárá, má sì dárúkọ Ṣeun tàbí ẹ̀jẹ̀, kódà láti fi sẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, o ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tó bá kù, ilé mi lo ti máa bẹ̀ mí, èmi náà á bẹ̀ ọ́ níbẹ̀.

Má fèsì kíákíá. Bí mo bá ti rí àmì búlúù méjì yẹn, mo ti mọ̀ pé o kà á, lọ ta ọjà rẹ ná. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí o bá ráyè, yà lọ́dọ̀ wa. Ṣeun kò mọ̀ pé ìwọ ni, mi ò sì sọ fún un. Ṣáájú kó tó sùn lánàá, ó ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni Àǹtí Ìyá Ìbejì tún máa gbé mọ́ínmọ́ín ewé wá.

Èmi ni,
Fọlákẹ́ rẹ