Àkópọ̀ Lẹ́tà Ilé-Ìwé sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́ lórí Owó Tuntun àti Ọjọ́ Ìwọlé, Ọdún Ẹ̀kọ́ 2025/2026

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa, lẹ́tà olójú-ewé mẹ́rin tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí wa ní Ìlọrin níhìn-ín ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ògọ́ọ̀sì 2025 sọ pé owó ilé-ìwé yóò yí padà bẹ̀rẹ̀ láti táàmù kìíní, àti pé ọjọ́ ìwọlé ni ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ní kíláàsì kékeré, láti JSS 1 dé JSS 3, ₦45,000 tí a ń san ní táàmù kan ti di ₦58,000. Ní kíláàsì àgbà, láti SS 1 dé SS 3, ₦52,000 ti di ₦67,000. Ìdí tí ilé-ìwé fi lélẹ̀ ni owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó oṣù àwọn olùkọ́, nítorí pé láti ọdún 2024 tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000, olùkọ́ tí wọn kò bá fi kún tirẹ̀ kì í pẹ́ kó tó wá ibòmíràn lọ, àwọn ọmọ wa ló sì ń pàdánù nígbà tí olùkọ́ ìṣirò bá pààrọ̀ ní àárín ọdún. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó wà ní ojú-ewé kejì kí ọkàn yín tó dàrú: ₦4,000 tí a máa ń san lọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà àti iyàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wọ inú owó tuntun yìí, wọn kò sì ní bèèrè rẹ̀ mọ́, nítorí náà ohun tó lé gan-an lórí ọmọ kan jẹ́ ₦9,000 ní kíláàsì kékeré àti ₦11,000 ní kíláàsì àgbà ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Owó náà kò kan ìwé, kò kan yunifọ́ọ̀mù, kò sì kan owó ìdánwò WAEC àti NECO fún àwọn ọmọ SS 3, nítorí àwọn àjọ wọ̀nyẹn ló ń kéde tiwọn fúnra wọn. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ láti Tanke àti Gáà Akanbí náà ti kúrò ní ₦18,000 sí ₦22,000. Ẹ̀dínwó ọmọ kẹta láti ilé kan náà, tó ń san ìdajì, ṣì wà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ibi tó yẹ kí gbogbo wa mú dání jù lọ ni ìpínrọ̀ kan tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé tó kẹ́yìn, tí ìbá sì sàn kí wọ́n fi ṣáájú: a lè san owó náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ₦35,000 fún kíláàsì kékeré tàbí ₦40,000 fún kíláàsì àgbà kí ọmọ tó wọlé, kí ìyókù, ìyẹn ₦23,000 tàbí ₦27,000, sì wọlé kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀kítọ́bà, báńkì nìkan ni kí a sì san án sí, kí a mú rìsíìtì rẹ̀ wá fún akápò ilé-ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó lé olùkọ́ tàbí ọmọ lọ́wọ́. Ní ti ọjọ́, táàmù kìíní yóò parí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Dìsẹ́ńbà, ìsinmi àárín táàmù yóò sì jẹ́ ọjọ́ 30 àti 31 oṣù Ọ̀kítọ́bà. Táàmù kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Jánúárì 2026, ó parí ní ọjọ́ 27 oṣù Máàṣì. Táàmù kẹta bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Éépírì, ó parí ní ọjọ́ 24 oṣù Júláì. Nítorí pé ààwẹ̀ Ràmàdáánì yóò bọ́ sí inú táàmù kejì, aago kan ọ̀sán ni ilé-ìwé yóò máa parí ní oṣù náà dípò aago méjì ààbọ̀, ọjọ́ ìsinmi Iléyá nínú táàmù kẹta yóò sì tẹ̀ lé ohun tí ìjọba bá kéde. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ìdá àkọ́kọ́ pàápàá, lẹ́tà náà sọ pé kó wá rí akápò fúnra rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, nítorí ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ti ní ìwé yẹn lọ́wọ́, wọn kò ní dá a padà sílé.