Ìlànà Ìfọwọ́sí Ìbéèrè Ọjà àti Yíyan Adelé ní Ilé-iṣẹ́ Búrẹ́dì Wa, Ìbàdàn

Ìlànà yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, 2025. Ó kan gbogbo ẹ̀ka: ibi tí a ti ń po ìyẹ̀fun, ibi ààrò, sítọ̀, ọkọ̀ àti ọ́fíìsì. Ẹ̀ka ìrajà kò gbọdọ̀ fi ìwé àṣẹ ìrajà ránṣẹ́ sí oníṣòwò kankan àfi tí ìbéèrè bá ti di `Approved` lórí kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀gá bá sọ "ẹ rà á" lórí fóònù, ìyẹn kò tíì di ìfọwọ́sí.

Kíkọ ìbéèrè

Ẹni tó nílò ọjà ni yóò kọ ọ́: orúkọ ọjà, iye rẹ̀, ọjọ́ tí a nílò rẹ̀, nọ́ńbà bàjẹ́ẹ̀tì, àti ìwé iye owó láti ọwọ́ oníṣòwò. Bí owó bá kọjá ₦150,000, oníṣòwò mẹ́ta ni kí a béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ má kọ "pààtì ẹ̀rọ" lásán. "Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun, B52, mẹ́rin" ni ìbéèrè. Sítọ̀ yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ọjà náà wà nílẹ̀, akọ̀wé owó yóò sì wò ó bóyá bàjẹ́ẹ̀tì ṣì gbà á.

Ta ni yóò fọwọ́ sí i

- Títí dé ₦150,000: ọ̀gá ẹ̀ka nìkan.
- Ju ìyẹn lọ, títí dé ₦1,000,000: ọ̀gá ẹ̀ka, lẹ́yìn náà ọ̀gá owó.
- Ju ìyẹn lọ, títí dé ₦5,000,000: àwọn méjèèjì, lẹ́yìn náà ọ̀gá ilé-iṣẹ́.
- Ohun tó bá kọjá ₦5,000,000: gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ọ̀gá àgbà.

Àpapọ̀ owó ni a ń wò: ọjà, owó ọkọ̀ àti owó orí ọjà. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọjà ₦940,000 ń fa owó orí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦70,500. Ó di ₦1,010,500, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ oṣooṣù, bíi gbígbé ìdọ̀tí, owó ọdún kan gbáko ni a ó fi díwọ̀n rẹ̀.

Kò sí àyè fún gígé ìbéèrè sí wẹ́wẹ́ kó má baà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Táyà ọkọ̀ ₦1,800,000 tí a kọ ní ₦900,000 lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ṣì ni. Ọjà kan náà láti ẹ̀ka kan náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ̀ka ìrajà yóò rò ó pọ̀.

Bí owó bá gbéra lẹ́yìn ìfọwọ́sí, tí kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí kò sì gbé e kọjá sí ìpele mìíràn, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbéèrè yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìbéèrè ara rẹ̀, ipòkípò tó wù kó wà. Ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀ ni yóò ṣe é. Ti ọ̀gá àgbà, ọ̀gá owó àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni yóò jọ fọwọ́ sí i.

Bí afọwọ́sí kò bá sí nílé

Kí ọ̀gá tó lọ fún ìsinmi, yóò yan adelé lórí kọ̀ǹpútà, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú, pẹ̀lú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ìwé ìsinmi tí a fún ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kò yan adelé fúnra rẹ̀. Adelé tó bá wà ní ipò kan náà lè lo gbogbo agbára ọ̀gá náà. Ẹni tó wà ní ipò tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì agbára náà. Adelé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ láti ìsàlẹ̀ yóò dúró ní ₦2,500,000, ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gòkè.

Adelé kò lè yan adelé mìíràn. Bí ó bá ti fọwọ́ sí ìbéèrè kan ní ipò tirẹ̀, kò tún lè fọwọ́ sí i ní ipò ẹni tó ń dúró fún. Ẹni tó wà lókè ni yóò gbà á. Ọ̀gá tó yàn án ṣì ni yóò dáhùn fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Fífún ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ̀ṣẹ̀ ni, kì í ṣe yíyan adelé.

Kọ̀ǹpútà wa máa ń darí kìkì ìbéèrè tuntun sí adelé. Èyí tó ti wà ní `Pending` lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó lọ yóò jókòó síbẹ̀ títí yóò fi dé. Nítorí náà, kí ọ̀gá ṣí ojú ìwé náà ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, kí ó parí wọn tàbí kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí wọn sí adelé.

Fún àìsàn tàbí ọ̀ràn òjijì, bí ìbéèrè bá ti pé ọjọ́ iṣẹ́ méjì ní `Pending`, yóò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó tẹ̀lé e lókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ìbéèrè kì í fọwọ́ sí ara rẹ̀.

Pàjáwìrì

Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú lóru tí búrẹ́dì sì wà nínú ààrò, alábòójútó ṣíìfù lè ná títí dé ₦200,000. Kí ìbéèrè rẹ̀ wọlé kí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, pẹ̀lú ríṣíìtì. Kí ìyẹ̀fun tán kì í ṣe pàjáwìrì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni sítọ̀ ń kà á.

Gbogbo lẹ́tà adelé tí a kọ ṣáájú ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí adelé rẹ̀ bá wà lórí lẹ́tà, kí ó tún un yàn lórí kọ̀ǹpútà.