Ètò Ìjókòó: Ìgbéyàwó Fúnmiláyọ̀ àti Gàníyù, Sùúrùlérè

Sátidé, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Ilẹ̀kùn á ṣí ní aago 1 ọ̀sán. Tábílì 12, àga 10 nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlejò tó wà nínú ìwé yìí jẹ́ 112.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gba àlejò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbé oúnjẹ, àti Màmá Alásè: ìwé kan náà ni gbogbo wa ń kà. Ẹni tó bá fẹ́ yí ààyè padà, èmi Àǹtí Bùkọ́lá ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ má dé ọ̀dọ̀ ìyàwó.

A ò se ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Mùsùlùmí ló máa dúńbú adìẹ àti màlúù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ máa bi àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó bóyá wọ́n á jẹ ẹran. Bíà kò gbọdọ̀ dé tábílì míì yàtọ̀ sí 7, 9 àti 10.

Káàdì pupa níwájú àga: oúnjẹ kan wà tó lè gbé ẹni náà dé ọsibítù. Káàdì funfun: àìsàn tàbí èèwọ̀. Ẹ má kà á sókè. Bàbá wa ò ní ká kéde àtọ̀gbẹ wọn níbi ìnáwó ọmọ wọn.

Tábílì 1: òbí ìyàwó (10), ọwọ́ òsì ìyàwó àti ọkọ
Bàbá àti Màmá, Pásítọ̀ àti ìyàwó wọn, Bọ̀dá Àgbà àti ìyàwó wọn, Àǹtí Ìbàdàn, tọkọtaya tó dúró bí òbí fún Fúnmi níbi ìsàmì, Alága ìjókòó. Alága ò ní fi ìdí kan àga náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá wọn mú un.
Bàbá (funfun, àtọ̀gbẹ): ìrẹsì ṣíbí méjì péré, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni kó pọ̀. Omi, kì í ṣe mínírà. Tí wọ́n bá gé kéèkì, ẹ gbé e gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Wọ́n á béèrè. Ẹ ní Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀.
Màmá (funfun, ọgbẹ́ inú): ọbẹ̀ tí kò ní ata. Ọbẹ̀ ọ̀fadà kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn.

Tábílì 2: òbí ọkọ (10), ọwọ́ ọ̀tún
Àlàájì àti Àlàájà, Ìmáàmù àti ìyàwó wọn, àwọn àbúrò Àlàájì mẹ́ta, ìyàwó méjì nínú tiwọn, Alága ìdúró. Àlàájì ní ẹ̀jẹ̀ ríru (funfun), ẹ bá wọn bu ọbẹ̀ ṣáájú kí Màmá Alásè tó fi iyọ̀ parí rẹ̀. Afárá Èkó ni wọ́n máa gbà wá, ẹ sì mọ ohun tí Sátidé ń dà níbẹ̀. Tí aago 2 bá lù tí àga ṣófo, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Tábílì 3: Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó (8)
Ìyá bàbá ọkọ nìyí, ọmọ ọdún 84. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa wà, ẹ yọ àga mẹ́ta kúrò kí kẹ̀kẹ́ lè ráyè. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ló wà, jìnnà sí gbohùngbohùn àwọn olórin. Àǹtí Sìkírà á jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, nítorí òun ló ń bá wọn já ẹran. Ọmọ-ọmọ méjì tó ń bá wọn sùn, ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má fi tábílì ọmọdé tan ara yín. Àwọn mẹ́rin tó kù: àwọn ìyàwó ilé.
Ìyá Àgbà ò ní eyín mọ́: àmàlà rírọ̀, ewédú àti gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀. Àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún nínú gbogbo gbọ̀ngàn, ṣáájú Ìmáàmù àti Pásítọ̀. Àwọn méjèèjì á dáríjì wá. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó ò ní dáríjì.

Tábílì 4 àti Tábílì 8: ẹ kà á dáadáa
Ìdílé Bàbá Rónkẹ́ (10) ní tábílì 4, ìdílé Bàbá Dàpọ̀ (8) ní tábílì 8. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹbí ìyàwó láti Èbúté-Mẹ́tta. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn ló dá ìjà sílẹ̀, ọdún mẹ́ta rèé tí wọn ò kíra. Ibi ijó wà láàárín tábílì méjèèjì. Tábílì 4 ń kọjú sí àwọn olórin, tábílì 8 ń kọjú sí ìyàwó, kí ojú má baà máa ko ojú. Ìwọ̀n ẹran kan náà ni kẹ́ ẹ bù fún wọn, nígbà kan náà. Mo bẹ̀ yín. Bàbá Rónkẹ́ kì í jẹ ìgbín, èèwọ̀ ni (funfun).

Tábílì 5: àwọn aláṣọ ọjà Balógun (10)
Ọ̀rẹ́ Àlàájà. Àmàlà ni wọ́n máa béèrè, ẹ má gbé ìrẹsì ṣáájú. Ẹ fi àga jìnnà díẹ̀ síra nítorí gèlè. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú ìyàwó fún owó: òfin ọdún 2007 lòdì sí fífọ́n náírà sórí èèyàn, a ò sì fẹ́ wàhálà.

Tábílì 6: ìdílé Ìyá Tèmí (5) àti ìdílé Ìyá Ìbejì (5)
Tèmí, ọmọ ọdún 9 (PUPA, ẹ̀pà). Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó jẹ kúlíkúlí, ojú rẹ̀ wú, èémí há a. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló máa jókòó, kì í ṣe láàárín ọmọdé tó ń pín ìpápánu. Màmá Alásè, ẹ jọ̀ọ́, òróró tí kì í ṣe ti ẹ̀pà ni kẹ́ ẹ fi dín pọ́fù-pọ́fù àti ṣin-ṣín gbogbo tábílì, kì í ṣe tiwọn nìkan. Súyà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, nítorí kúlíkúlí ló wà nínú yájì. Ọwọ́ tó bá gbé súyà, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé àwo fún un. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú báàgì ìyá rẹ̀.

Tábílì 7: ọ̀rẹ́ ìyàwó láti Akọkà (10)
Dúpẹ́ (PUPA, edé). Edé wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, ó wà nínú mọ́ínmọ́ín. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ ni tiẹ̀. Bísí (funfun) kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja: ẹ tọ́jú ìrẹsì funfun, dòdò àti ọbẹ̀ ata tí wọn ò fi omi ẹran sè. Ẹ má yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ kẹ́ ẹ wá gbé e fún un, ó máa mọ̀.

Tábílì 9: ọ̀rẹ́ ọkọ (10). Kò sí ìṣòro, àfi ariwo.

Tábílì 10: ará ibiṣẹ́ àwọn méjèèjì (10).

Tábílì 12: ará àdúgbò àti onílé (10). Onílé kọ́kọ́.

Tábílì 11: ìdílé Àǹtí Fọlákẹ́ (6)
Ìjọ Adifẹntíìsì ni wọ́n, Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Wọ́n ní àwọn á dé lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nǹkan bí aago 6 àbọ̀. Wọn kì í jẹ ẹja àrọ̀, edé tàbí ìgbín. Ẹja onípẹ́ tàbí adìẹ ni. Ẹ kó ti àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú kúlà kékeré aláwọ̀ búlúù, kẹ́ ẹ kọ "11" sí i lára.
Tábílì tó ṣófo láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo-gbọ́-mo-yà máa ń rí. Bọ̀dá Kúnlé, ẹ jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi dé.