Ṣájà lápútọ́ọ̀pù àti jákẹ́ẹ̀tì yín wà lọ́wọ́ wa: ọ̀nà tí a lè gbà fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn

Arábìnrin Fọláṣadé,

Ẹ kú ìrìn o, ẹ sì kú ilé. A gbàgbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin gbé yín dé Mọ́níyà láyọ̀.

Nígbà tí àwọn tó ń tún yàrá ṣe wọ Yàrá 7 lẹ́yìn tí ẹ lọ, wọ́n rí ohun méjì níbẹ̀. Ṣájà lápútọ́ọ̀pù ṣì wà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, jákẹ́ẹ̀tì sì wà lórí ìkọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti ṣí sílẹ̀, ojú kì í tó ìkọ́ náà, pàápàá lójú ẹni tó ń sáré lọ bá ọkọ̀ ojú irin ní Ládẹ̀rin láàárọ̀ kùtù. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí èyí tó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe wọn kí ó lè dá yín lójú pé tiyín ni. Ṣájà náà dúdú, ẹnu Táípù-Sí ló ní, 65W ni wọ́n kọ sí i lára. Wọ́n ti fi téèpù dúdú wé okùn rẹ̀ níbi tó ti wọ orí ṣájà, ó jọ pé ibẹ̀ ti fẹ́ bó. Jákẹ́ẹ̀tì dẹ́nìmù aláwọ̀ búlúù ni èkejì, bọ́tìnnì kan sì ti já kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi àti ẹni tó tún yàrá ṣe jọ yẹ àpò rẹ̀ wò, torí a kì í fẹ́ kí owó tàbí káàdì àlejò wà nínú ẹrù tó ń lọ sọ́wọ́ awakọ̀. Rìsíìtì àdìrẹ tí ẹ rà ní Ìtòkú ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bírò kan àti ₦1,700. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹrù àlejò, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, a sì tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì. A kò fọ jákẹ́ẹ̀tì náà, torí ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń tọ́jú aṣọ yín. A kàn sá a sí atẹ́gùn díẹ̀ kí ó má baà bu nínú ọ̀rá ni.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àlejò fún ìtọ́jú ẹrù tó bá gbàgbé. Páálí, ọ̀rá àti owó màrúwá láti Ìbarà níbí dé gárèèjì Kútọ̀, ọrùn wa ni gbogbo ìyẹn wà. Owó tí awakọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ kúríà bá gbà láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn nìkan ni tiyín, a kì í sì í bù lé e. Iye tí wọ́n bá kọ sórí rìsíìtì lẹ máa san, ẹ ó sì rí fọ́tò rìsíìtì náà.

Ọ̀nà tó yá jù ni wébíìlì láti Kútọ̀. Mo ti lọ béèrè, ₦2,500 ni wọ́n máa gbà fún ṣájà àti jákẹ́ẹ̀tì pa pọ̀. Bí a bá fi í sínú ọkọ̀ àárọ̀, ọjọ́ kan náà ló máa dé ọwọ́ yín. Kí ọkọ̀ tó gbéra, màá fi nọ́ńbà fóònù awakọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ àti fọ́tò ẹrù náà ránṣẹ́ sí yín lórí Wáásáàpù. Gárèèjì lẹ máa ti gbà á, awakọ̀ kì í gbé e wá sílé. Ó yẹ kí ẹ tún mọ̀ pé wébíìlì kò ní ìdánilójú pé wọ́n máa san owó ẹrù padà bó bá sọnù lọ́nà. Àwọn awakọ̀ tí à ń bá ṣe, a mọ̀ wọ́n, àwọn ará gárèèjì sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Kúríà wọ́n ju ìyẹn lọ, ₦6,500 ni wọ́n ní a ó san. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n ń gbé e wá, ẹ ó sì gba nọ́ńbà tí ẹ lè fi wo ibi tí ẹrù dé. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni wọ́n dá. Kò sí bátìrì nínú ṣájà, nítorí náà wọn kò ní yọ wá lẹ́nu lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún páwà-báńkì.

Akọ̀wé owó wa náà ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ó sì ti gbà láti bá yín mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè bá a pàdé ní Dùgbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀nà yìí kò ná yín ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú lápútọ́ọ̀pù kò lè jókòó títí di Sátidé láìsí ṣájà. Tó bá jẹ́ èmi, wébíìlì ni màá mú. Mo tiẹ̀ béèrè bóyá ṣájà nìkan lè lọ kí owó dín kù, wọ́n ní iye kan náà ni, torí náà kò sí èrè nínú pípín ẹrù sí méjì.

Ohun kan máa mú kí owó yìí fúyẹ́ lọ́rùn yín. Ìdógò kọ́kọ́rọ́ yín, ₦5,000, ṣì wà lọ́dọ̀ wa, torí ẹ ti lọ kí ẹni tó ń dá owó padà tó dé. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, a lè yọ ₦2,500 wébíìlì nínú rẹ̀, kí a fi ₦2,500 tó kù pẹ̀lú ₦1,700 inú àpò ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. ₦4,200 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ kúríà, ìdógò kò tó, ó ku ₦1,500. A lè mú un nínú owó inú àpò, kí a dá ₦200 padà fún yín, ṣùgbọ́n a kò ní fọwọ́ kan owó yẹn láìjẹ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé ẹrù yín wà lọ́wọ́ òun, ẹ má sì sọ nọ́ńbà OTP fún ẹnì kankan. Bí owó bá máa wọlé sọ́dọ̀ wa rárá, àkáǹtì tí ẹ san owó yàrá sí náà ni. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín ní Ìbàdàn, torí Kútọ̀ níbí la ti máa sanwó rẹ̀ tán.

Kí ṣájà tó dé, bí ẹ bá fẹ́ yá ti ẹlòmíì lò, Táípù-Sí tó bá ní 65W ni kí ẹ wá. Ti fóònù lè wọ ojú ihò náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò pọ̀ tó, bátìrì lè máa lọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ fèsì sí ímeèlì yìí kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kí ẹrù lè bá ọkọ̀ àárọ̀ Tọ́sìdeè lọ. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ mú, nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á, bóyá kí a yọ owó nínú ìdógò, àti àkáǹtì tí a máa san ìyókù sí. Bó bá jẹ́ kúríà, ẹ fi àdírẹ́sì ilé tàbí ti ibi iṣẹ́ kún un. Bí ọwọ́ yín bá dí, kò sí wàhálà: oṣù mẹ́ta la máa ń tọ́jú ẹrù àlejò, a kì í sì í gbé e fún ẹlòmíì láìkọ́kọ́ pe ẹni tó ni ín.

Títílayọ̀
Ìdí tábìlì ìgbàlejò, Ìbarà, Abẹ́òkúta