Ọmọ Ajòrosùn

Fèrè kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Sángo ni, n'Ìbàdàn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Láti aago mẹ́ta òru ni mo ti wà lẹ́sẹ̀. Mo ti kó búrẹ́dì gbígbóná ní békìrì, mo ti pín in káàkiri Òkè-Àdó, Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá, mo padà lọ kó tọ̀sán, mo tún forí lé ọ̀nà. Ó wá ku ẹnì kan péré, ìyá kan tó ń tajà ní Mọ́níyà, nítòsí ibùdó rélùwéè tuntun. Láti 2021 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Èkó ni ìyá yìí ti ń gba búrẹ́dì púpọ̀, torí èrò àárọ̀ kì í ráyè jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí mi ò bá gbé tiẹ̀ dé lálẹ́, kò ní rí nǹkan tà láàárọ̀, á pe Alájì, Alájì á sì pè mí. Ẹ̀rù ìpè yẹn ló ń wa mọ́tò náà, kì í ṣe èmi.

Ẹni tí kò bá kó búrẹ́dì rí á ní òórùn rẹ̀ dùn. Ó dùn lóòótọ́, fún wákàtí kan. Tó bá fi máa di alẹ́, tó ti wọ aṣọ, tó wọ irun, tó wọ inú itọ́ ẹnu, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n fi ìrọ̀rí bo èèyàn nímú. Kòròpe tí mò ń wà yẹn, abẹ́ àga dírẹ́bà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Bí búrẹ́dì ṣe ń tutù lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń yan níwájú.

Ni fèrè bá dún.

Nígbà tí mo máa lajú... rárá, ẹ jẹ́ n tún un sọ, torí nígbà yẹn mo ṣì lè búra pé ojú mi ò dé. Nígbà tí mo máa wo iwájú, obìnrin wọ́dìn kan ló dúró gbọnyin láàárín títì, tó na ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun sí mi. Ẹ̀wù wọn yẹn, tó jẹ́ kí àwọn bàbá wa máa pè wọ́n ní yẹ́lò fífà, ó ń tàn yòò nínú iná ọkọ̀ mi. Iná kan ni o. Tọ̀tún ti kú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo tẹ bíréèkì, mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Iná kan kú. Ìnṣọ́ránsì ti kú lóṣù tó kọjá. Owó Alájì, 186,500 náírà, wà nínú báàgì lẹ́yìn àga, a ti kà á, ó ti wà nínú ìwé, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Tèmi ò ju 2,000 lọ, ó wà lápò ṣòkòtò. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo pín in sọ́nà méjì níbẹ̀ láìyọ ọ́ síta, kó má baà jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló máa rí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìyẹn náà, kò sí dírẹ́bà tí ò kọ́ ọ.

Ó dé ojú fèrèsé. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún.

“Ẹ káalẹ́, Mọ́mì. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe, àárọ̀ ọ̀la gan-an ni mo fẹ́ lọ bá riwáyà...”

“Kí ni mo bi ọ́?”

“Ẹ ò tíì bi mí ní nǹkan kan, mà.”

“Ibo lò ń lọ?”

“Mọ́níyà ni.”

“Ó dáa. Gbé búrẹ́dì yẹn kúrò lórí àga, kí n jókòó.”

Àṣé ilé ló ń lọ. Láti ọ̀sán ló ti ń dá ọkọ̀ dúró fún ìjọba, ó wá ń dá tiẹ̀ dúró. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo gbé páálí sẹ́yìn, ó wọlé, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé itan, ó ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ kí jíà wọlé báyìí ni ó bá yí ojú sí mi. Kò sọ̀rọ̀. Ó wò mí bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ó wá na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

“O ti ń sùn bọ̀.”

“Há, rárá o, mà! Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.”

“Fèrè mélòó lo gbọ́?”

“Ẹyọ kan.”

“Mẹ́ta ni mo fọn.”

Mi ò rí nǹkan sọ.

“Iná kan ni mo rí lókèèrè,” ó ní, “mo ní ọ̀kadà ni. Mo ní ọ̀kadà yìí á yà. Kò yà. Kòtò tó wà níwájú ilé epo yẹn, gbogbo Máíkírà tó ń kọjá ló ń yà fún un. Ìwọ gba àárín ẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá ẹ̀.”

Mo fẹ́ jiyàn. Kòtò wo? Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè rí nǹkan fi jiyàn ọ̀hún. Páálí méjì ti dojú dé. Búrẹ́dì bíi méje ló ti dà sílẹ̀, ọ̀kan ti yí dé ẹ̀yìn àga mi gan-an, ó ti tẹ̀ wọnú bí fìlà. Búrẹ́dì méje já lulẹ̀ lẹ́yìn mi, mi ò gbọ́. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì fi wọ́n sábẹ́ itan kó má rí wọn.

Ó rí wọn. Ó fa píọ̀ wọ́tà kan yọ nínú ọ̀rá, ó fi eyín já a. “Bọ́ sílẹ̀, bọ́jú.” Mo bọ́ sílẹ̀, mo bọ́jú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó mú gbànja kan jáde, ó là á, ó fún mi ní ìdajì tó tóbi. “Rún un. Má pọ́n ọn lá o, rún un.” Ó korò dé ìdí etí.

“Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mà. Ọmọ ajòrosùn.” Mo ń wá bí á ṣe rẹ́rìn-ín.

“Òro ni wọ́n jẹ kí wọ́n tó sùn,” ó dá mi lóhùn. “Wọn ò sùn sórí sítíárìn.”

Fóònù dún. Alájì. Mo jẹ́ kó dún tán, ó tún dún.

“Ta nìyẹn?”

“Alájì tó ni ọkọ̀ ni.”

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ohùn tó fi bá mi sọ̀rọ̀ látijọ́un kọ́ ló gbé jáde o. Ti ẹnu iṣẹ́ ló gbé jáde. “Ẹ̀yin lẹ ni kòròpe oníbúrẹ́dì yìí? Wọ́dìn ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín wà lọ́wọ́ mi ní Sángo.”

Alájì tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òpópónà kejì, ló bá rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. “Há, Mádáámù wa! Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìtùnbí ìnùbí. Èló ni?”

“Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ owó. Aago mélòó ni dírẹ́bà yín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ yìí?”

Ó dákẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún. “Aago... aago mẹ́jọ ni, mà.”

Obìnrin náà wò mí. Mo na ìka mẹ́ta sókè.

“Ẹ ṣeun, sà,” ó ní. “Á dé nígbà tó bá dé.” Ó pa á, ó dá fóònù padà fún mi. Inú mi dùn débi kan, ẹ̀rù sì bà mí ju bí inú mi ṣe dùn lọ, torí òun kọ́ ló máa lọ jókòó síwájú Alájì lóru yẹn.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kó tó dá a padà, ó là á mọ́lẹ̀ fún mi: mi ò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Gbogbo ibùdókọ̀ tí a bá ń kọjá, kí n máa pè é sókè bíi kọ̀ńdọ́. Bí mo bá dákẹ́, á gbá mi lórí. Mo rò pé àwàdà ni. Ṣáájú Polí ló gbá mi nígbà àkọ́kọ́.

“Polí! Ó ń lọ Yunifásítì, Àgbọ̀wọ́, Orogún, Ọ̀jọ́ọ̀!”

Bí mo ṣe ń pariwo lọ nìyẹn, pẹ̀lú gbànja lẹ́nu. Nígbà tí a dé Orogún, ọkùnrin kan sáré tẹ̀ lé wa, ó ń gbá ara ọkọ̀, “Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ dúró o!” Wọ́dìn yọrí sí i pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà sì pa kúbẹ́ kúbẹ́ padà sẹ́yìn. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá tú bàtà dúdú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yọ, torí ẹsẹ̀ náà ti wú yí okùn rẹ̀ ká; ó mí kanlẹ̀ nígbà tí èkejì jáde, ó ki méjèèjì sínú ọ̀rá, ó yọ sílípáàsì. Mi ò gbọ́ kó ráhùn. Ó kàn ń tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kà wọ́n bóyá wọ́n pé.

Ní Mọ́níyà, ìyá oníbúrẹ́dì ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ka ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ àwọn méje tó tẹ̀, ó ní ẹni bá lọ sí Èkó kò lè gbé ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ dání. Ti Alájì nìyẹn, mo mọ̀ pé owó oṣù mi ló máa tibẹ̀ yọ ọ́. Wọ́dìn mú ọ̀kan nínú wọn, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó bi mí pé èló. Mo ní kó máa mú un lọ. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n lé òun níṣẹ́ ni. Ó san ìdajì owó, ó sì náà án dáadáa kó tó san ìdajì ọ̀hún.

Ó yí lọ síwájú ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn ìka kan gíláàsì iná tó kú. Ó tàn wáí, ó tún kú.

“Alẹ́ ọ̀la ni mo tún wà lẹ́nu iṣẹ́,” ó ní. “Mi ò mọ̀ ẹ́ rí o.”

Lọ́jọ́ kejì mo sùn dé aago mẹ́fà, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Riwáyà gba 1,500 lọ́wọ́ mi fún gílóòbù àti wáyà. Nígbà tí mo dé Sángo lálẹ́, mo tan méjèèjì sí i láti òkèèrè, mo tún bù ú tàn lẹ́ẹ̀mejì kó lè rí iṣẹ́ tí mo ṣe. Ó wà láàárín títì, ó ń darí àwọn Máíkírà. Ojú rẹ̀ gba orí mi kọjá bí ẹni tí ò rí mi rí láyé. Ó fọn fèrè, ẹ̀ẹ̀kan péré ló fọn ún, mo sì gbọ́. Ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo páàkì, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ti na búrẹ́dì tó rọ̀ jù lọ dání.

Kò wo búrẹ́dì. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Ihò kékeré kan wà nídìí àtàǹpàkò ìbọ̀wọ́ náà.

“Pàtíkúlà ẹ dà?”